Èsì: Réńdà tó ń dán bíi rọ́bà lórí pépà

“Ẹ̀yin ọ̀gá, réńdà ilé tí mo ṣe jẹ́ 1920 × 1080, A2 ni oníbàárà fẹ́. Mo fi sọfitíwià fẹ̀ ẹ́ lójú ní ìlọ́po mẹ́rin, ògiri wá ń dán bíi rọ́bà. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò, ìlọ́po mẹ́rin ti pọ̀ jù. A2 fẹ̀ tó ínṣì 23.4. Ìlọ́po méjì á fún ẹ ní nǹkan bíi píksẹ́lì 164 lórí ínṣì kan, ó sì tó fún ohun tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri. Tí fáìlì ilé náà bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, tún un réńdà ní 3840, kí o gbàgbé ìyókù.

Bí kò bá sí, fẹ̀ ẹ́ lọ́nà méjì: sọfitíwià yẹn, àti `Bicubic` lásán nínú Photoshop. Fi ti `Bicubic` sísàlẹ̀, kí èkejì wà lókè ní `Opacity` 50%. Níbi irin wíńdò, bíríkì àti lẹ́tà, fi másìkì bo ti òkè pátápátá. Nínú iṣẹ́ mi kan, sọfitíwià náà sọ irin wíńdò mẹ́fà di márùn-ún. Ayàwòrán-ilé ló rí i, kì í ṣe èmi! Látìgbà náà ni mo ti ń ka irin.

Dídán yẹn, àwọn hóró kéékèèké ara ògiri ni sọfitíwià nù kúrò. Kọ́kọ́ lo `Unsharp Mask`: `Amount` 80, `Radius` 1. Tí ìlà funfun bá yọ létí òrùlé, dín `Amount` kù. Ìgbà yẹn ni kí o tó fi `Add Noise` 2% sí i, `Monochromatic`. Tó bá ṣáájú, ara ògiri á dà bíi yanrìn.