Omi kànga ló ń mú ewú pọ́n

"Ẹ jọ̀wọ́, ewú ti gba orí mi, mi ò sì fẹ́ kùn ún dúdú. Àmọ́ pípọ́n ló ń pọ́n, kò tàn bíi fàdákà. Kí ni mo lè ṣe sí i, báwo ni mo sì ṣe máa tọ́jú ẹ̀ lẹ́yìn náà? Òṣogbo ni mo ń gbé."

Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ wo ibi tó ti pọ́n. Tó bá jẹ́ ṣóńṣó irun nìkan, iná ló jó o, bóyá kóòmù gbígbóná tàbí dráyà. Ìyẹn ò ṣeé fọ̀ kúrò, ṣe lẹ máa rọra gé e. Tó bá jẹ́ iwájú orí nìkan, oòrùn àti èéfín ni kẹ́ ẹ fura sí, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń fi igi dáná. Àmọ́ tó bá pọ́n káàkiri, láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ yẹ omi yín wò.

Tèmi, káàkiri ni. Omi kànga là ń lò nílé wa l'Ókè-Báálẹ̀. Ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n tí mo bá pọn ọ́n sínú báàkẹ́ẹ̀tì funfun tó sì di ọjọ́ kejì, ìlà pupa kan á ti yí etí omi náà ká, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa á sì wà nísàlẹ̀. Irin tó wà nínú omi nìyẹn. Irun dúdú náà ń gbà á, dúdú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó hàn. Ewú ò ní àwọ̀ nínú mọ́, ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ máa rí.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ra ṣanpú elésè àlùkò. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló kọ́kọ́ kàn. Bí búlù ṣe ń ṣe sí aṣọ funfun ló ń ṣe sí ewú: kì í bọ́ pípọ́n kúrò, ó kàn ń pa á lójú ni. Ta ló ń ti aṣọ tí ò tíì mọ́ bọ búlù? (Ẹ má fi búlù aṣọ gan-an sórí o.) Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ṣanpú tó ń fa irin jáde, irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ máa rí EDTA lára èròjà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ike. Ẹ pín irun sí mẹ́rin, ẹ fi pa á dáadáa, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣàn án ló ṣe pàtàkì jù. Tẹ́ ẹ bá fi omi kànga kan náà ṣàn án, ẹ tún ti dá irin padà sórí. Omi òjò ni mò ń lò, omi inú ọ̀rá sì ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé kẹ́ ẹ tó gbe é, inú ike sì ni kẹ́ ẹ gbe é sí. Omi tó gba orí páánù tó ti dípẹtà kọjá ò sàn ju ti kànga lọ.

Ìgbà yẹn ni ti elésè àlùkò tó kàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ pò ó mọ́ ṣanpú lásán ní ìdajì-ìdajì, torí irun wa tó ká, ṣóńṣó ẹ̀ gbẹ, á mu àwọ̀ ju ìdí lọ. Ibi tó pọ́n jù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá jáde síta wò ó; iná pupa inú ilé máa ń tan èèyàn jẹ. Tó bá ṣì pọ́n díẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i, àmọ́ kó má kọjá ìṣẹ́jú 5. Tó bá wá lọ di àlùkò, ẹ má jáyà, ẹ fi ṣanpú lásán fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á ṣí.

Lẹ́yìn náà, mò ń lo elésè àlùkò lọ́sẹ̀ méjì-méjì, mo sì ń lo ti EDTA lẹ́ẹ̀kan lóṣù, torí àwọn méjèèjì ń gbẹ irun, ewú fúnra ẹ̀ sì le. Kò sí ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ tí n kì í fi kondíṣọ́nà sí i. Mo ti yọwọ́ nínú òrí pupa, àdí àti pòmádì aláwọ̀. Òróró àgbọn tó mọ́ gaara ni mò ń fi pa á, díẹ̀ báyìí. Mi ò fi ọṣẹ dúdú fọ orí mọ́: tí omi bá le, ìyẹn ni pé èròjà inú ilẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, ọṣẹ náà á fi nǹkan bí èérí sára irun, èyí tí wọ́n po osùn mọ́ á sì tún kùn ún. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà lọ́sàn-án, ẹ wé gèlè tàbí kẹ́ ẹ dé fìlà. Oòrùn nìkan tó láti dá pípọ́n padà, bí omi yín tiẹ̀ dáa.