Ilé tí a gé láàárín, kó ṣì dà bíi fọ́tò

"Mo gé ilé alájà kan nínú Blender, ètò ìyàwòrán 3D orí kọ̀ǹpútà, kí oníbàárà lè rí inú ẹ̀, àmọ́ gbogbo yàrá ló mọ́lẹ̀ fòò, kò jọ fọ́tò rárá, dẹ́kìn àti ògiri ò sì yàtọ̀ síra."

Ẹ̀gbọ́n, apá tẹ́ ẹ gé kúrò yẹn loòrùn ń gbà wọlé, yàrá tó yẹ kó gba ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé nìkan wá di ìta gbangba. Ẹ dá apá yẹn padà, àmọ́ kó jẹ́ object tó dá dúró, kẹ́ ẹ yàn án, kẹ́ ẹ wá lọ sí Object Properties, Visibility, Ray Visibility, ẹ yọ àmì iwájú Camera kúrò. Kámẹ́rà ò ní rí i mọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ Cycles lẹ fi ń ṣe render, á ṣì máa dí oòrùn, òjìji á sì bọ́ síbi tó yẹ.

Ojú ibi tẹ́ ẹ gé á wá dúdú kirikiri o, torí apá tí ò hàn yẹn lẹ̀ mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ ò lè débẹ̀. Emission tó rọra, ìyẹn àwọ̀ tó ń tàn fúnra ẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi kùn ún. Ilé kan tá a ṣe níbí n'Íkòròdú, àárín àtẹ̀gùn la gé gbà, a fún dẹ́kìn àti bíìmù ní àwọ̀ eérú tó dúdú, búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 gba èyí tó mọ́ díẹ̀, kíá lojú ti mọ ohun tó gbé ilé dúró. Kọ́rídọ̀ ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn jù, la bá fi Area light kékeré sábẹ́ àjà ẹ̀. Tí òjìji abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bá ti pòórá, ẹ dín iná kù.