Ìpele owó-orí kò lè jẹ àfikún owó oṣù yín tán

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. ₦2,950,000 ni owó mi lọ́dún. Ọ̀gá wa fẹ́ fi ₦200,000 kún un, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa ní kí n má gbà á, pé yóò gbé mi kúrò ní ìpele 15% lọ sí 18%, owó tí n ó máa mú lọ sílé yóò wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n ní kí wọ́n dá a dúró ni?

Ìdáhùn: Ẹ gba owó yín. Irú ìmọ̀ràn yìí ti pọ̀ jù láwọn ọ́fíìsì, ó sì ń bí mi nínú, torí owó gidi ni àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ kọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tiẹ̀ tíì dé ìpele 18% náà. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn àwọn àyọkúrò tí òfin gbà ni owó-orí ń wò, kì í ṣe gbogbo owó tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí wọ́n bá ń yọ 8% owó ìfẹ̀yìntì lára gbogbo ₦3,150,000 yín, ₦252,000 ti kúrò níbẹ̀, ó ku ₦2,898,000. Ìpele 18% kò sì bẹ̀rẹ̀ títí owó yóò fi kọjá ₦3,000,000.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni pé kò sí àyọkúrò kankan, kí ẹ lè rí ibi tí àṣìṣe náà wà. Owó-orí kì í mú èèyàn odindi bọ́ sínú ìpele kan. Owó yín ló ń pín sí apá-apá, apá kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kì í san nǹkan kan. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e ń san 15%. Èyí tó bá lé lórí ₦3,000,000 nìkan ló ń san 18%, títí dé ₦12,000,000.

Nísinsìnyí, nínú ₦2,950,000 yín, ₦2,150,000 ló ń san 15%, owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦322,500. Tí wọ́n bá fi ₦200,000 kún un, ₦50,000 nínú rẹ̀ yóò kún ìpele 15%, ìyẹn ₦7,500. ₦150,000 tó kù yóò san 18%, ìyẹn ₦27,000. Owó-orí yín di ₦357,000. Ó fi ₦34,500 lé sí i, ẹ̀yin sì mú ₦165,500 lọ sílé nínú àfikún náà. Owó àtijọ́ yín kò san kọ́bọ̀ kan ju èyí tó ń san tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹni yẹn ti rí ìbẹ̀rù rẹ̀ nìyí: ó fi 18% ká gbogbo ₦3,150,000, ó rí ₦567,000. Ìyẹn fi ₦244,500 ju ₦322,500 lọ, ló bá ní owó-orí ti jẹ àfikún náà tán. Ìṣirò tó fi ₦800,000 tí kì í san owó-orí kún un, tó sì tún gbé 18% lé owó tó wà ní ìpele 15%, kò bá òfin mu rárá. 25% ni iye tó ga jù lọ nínú òfin náà, lórí owó tó bá kọjá ₦50,000,000. Ìpele yòówù kí náírà tuntun bọ́ sí, ó kéré tán, kọ́bọ̀ 75 rẹ̀ yóò kù sí yín lọ́wọ́.

Ìpele owó-orí nìkan ni mo ń sọ o. Owó tó ń wọ àpò lè dín kù nítorí nǹkan mìíràn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lóṣù kan náà: gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tàbí owó-orí ẹ̀yìn tí wọn kò yọ tó tẹ́lẹ̀. Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni pé kí akáǹtì ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ṣe irú àṣìṣe ẹni yẹn. Ẹ wo ìwé owó oṣù yín. Ní ti ìṣirò tí a ṣe yìí, bí àfikún bá ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní, nǹkan bí ₦29,750 ló yẹ kí ẹ rí lóṣù níbi owó-orí. Tẹ́lẹ̀ ó jẹ́ ₦26,875. Tí ẹ bá rí ₦47,250, wọ́n ti fi 18% ká gbogbo owó yín nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìṣirò náà sílẹ̀ ní ìpele-ìpele fún yín. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú ìwé owó oṣù yín lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń gba owó-orí fún Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí ibi tí èèyàn ń gbé ni owó-orí rẹ̀ ń lọ. Iye tiyín gan-an lè yàtọ̀ sí èyí, nítorí mi ò rí ìwé yín.

Bí ẹ bá ń gbé ilé háyà, ẹ fún ọ́fíìsì ní ìwé ẹ̀rí owó ilé náà. Òfin gbà kí wọ́n yọ 20% owó ilé tí ẹ san lọ́dún kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n máa yọ kò lè ju ₦500,000 lọ. Ẹ má retí pé ọ́fíìsì yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.