Ọṣẹ ìfọyín tó ń sọ eyín di funfun àti bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín

Mo ti lo ọṣẹ tó ń sọ eyín di funfun fún oṣù kan, eyín mi ṣì pọ́n. Ṣé kí n fi bébà ìlẹ̀méyín kún un?

O lè lò ó, àmọ́ má kọjá iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Àbàwọ́n ojú eyín, bíi ti tíì tàbí sìgá, nìkan ni ọṣẹ yẹn ń ha kúrò. Èyí tó wá láti inú eyín, pẹrọ́sáìdì, ìyẹn kẹ́míkà tó ń sọ eyín di funfun nínú bébà náà, ló lè dé ibẹ̀. Bí omi tútù bá ń ta ọ́ léyín, tàbí tí èrìgì rẹ funfun tó sì ń ta ọ́, dá a dúró. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kéèyàn máa fi ọṣẹ náà ha eyín kíkankíkan: ìpele òde eyín á fẹ́lẹ́, apá inú tó pọ́n á wá hàn nítòsí èrìgì. Ìpele yẹn kì í hù padà.