Díìpù fírísà ni kí o kọ́kọ́ rà, má sì jẹ́ kó tóbi ju ẹrù rẹ lọ

"Ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta ìrẹsì, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja lẹ́bàá Sábó ní Ṣàgámù. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀. Ṣé díìpù fírísà ni kí n rà ni, àbí fíríìjì onídùúró, kí n lè máa fi mú ohun mímu tutù pẹ̀lú? Iná wa kì í dúró."

Àbúrò mi, díìpù fírísà ni kí o rà, èyí tí wọ́n ń ṣí láti òkè, kí o sì ra kékeré. Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi ti ń ta oúnjẹ, ní Mólípà, ó sì ti lé ní ọdún 10. Fíríìjì onídùúró ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó dára lójú, ó ní ilẹ̀kùn méjì, mo sì rò pé òkè á gba ẹja, ìsàlẹ̀ á gba ohun mímu, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọjọ́ Jimọ̀ kan, mo ra páálí títọ́ọ̀sì kan, 20 kílò, pé kí n fi ta ọ̀sẹ̀ náà. Ìdajì ni òkè fíríìjì gbà. Mo fún èyí tó kù mọ́ ìsàlẹ̀, láàárín àwọn ìgò mínírà. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n mú iná lọ. Mo rò pé á dé láàárọ̀, kò dé. Ní gbogbo ọjọ́ Satidé, bí oníbàárà bá ti béèrè ohun mímu, mo ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Ó tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí n tó rí omi pupa tó ń kán lábẹ́ ilẹ̀kùn, tó ń ṣàn lọ sí abẹ́ tábìlì. Mo fi ìka tẹ ẹja kan ní ẹ̀yìn, ìka mi wọlé, ojú ibẹ̀ kò sì dìde padà. Owó àjọ ni mo fi ra páálí yẹn.

Ìyá kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ní kí n fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí n dín in gbẹ. Mi ò ṣe é, mo sì dúpẹ́ pé mi ò ṣe é. Bí títọ́ọ̀sì bá pẹ́ nínú ooru, májèlé kan máa ń hù nínú ẹran rẹ̀ tí iná kì í pa. O lè dín in títí yóò fi dúdú, o lè sè é nínú ata, májèlé náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa rí i pé ẹnu òun ń ta òun bí ẹni jẹ ata, ojú á pọ́n, ara á máa yún un, orí lè máa fọ́ ọ, ó sì lè máa bì. Òun ni ìdí tí ọ̀rọ̀ ibi tí a ń kó ẹja sí fi kọjá ọ̀rọ̀ owó lójú mi.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì kò le. Atẹ́gùn tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì onídùúró, tútù inú rẹ̀ á ṣàn jáde sí ẹsẹ̀ rẹ bí omi, ooru á sì rọ́pò rẹ̀. Bí o bá dúró láìwọ bàtà, ìwọ fúnra rẹ á mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n díìpù fírísà dà bí ìkòkò: o ṣí orí rẹ̀, tútù náà jókòó sí ìsàlẹ̀. Ara rẹ̀ sì tún máa ń nípọn. Bí iná bá lọ, tí o kò sì ṣí i, fírísà tó kún lè gbé ẹrù rẹ̀ ní dídì fún nǹkan bí wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì á gbé e fún nǹkan bí 24. Ìsàlẹ̀ fíríìjì kì í ju wákàtí 4 lọ kí oúnjẹ inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ewu. Nínú ooru àdúgbò wa, tí a sì ń ṣí i láti tajà, èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé gbogbo wákàtí 48 náà, ọjọ́ kan péré ni mo máa ń kà á sí. Ọjọ́ kan náà sì ti gba ẹrù mi là ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

O ti wá rí ìdí tí mo fi ní kí o ra kékeré. Ẹrù tó ti dì ló ń gbé ara rẹ̀, kì í ṣe àlàfo. Tèmi jẹ́ nǹkan bí lítà 200. Páálí mẹ́ta wọ inú rẹ̀, àyè sì ṣẹ́ kù fún ẹran. Bí o bá ń lo páálí kan lọ́sẹ̀, irú rẹ̀ tó ọ. Ẹni tó ra ti lítà 400 torí pé owó rẹ̀ ká a, tí kò sì rí ẹrù kó sí i, á máa sanwó iná láti mú atẹ́gùn tutù. Bí ẹrù mi bá lọ sílẹ̀, mo máa ń rọ omi sínú ìgò rọ́bà, n kì í jẹ́ kó kún dé ọrùn kí ó má baà bẹ́, màá sì fi dí gbogbo àlàfo. Ìgò tó bá ti dì ń ṣiṣẹ́ bí ẹja tó dì.

Ìgò wọ̀nyí náà ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ ohun mímu rẹ. Ra kúlà tó nípọn kan. Láàárọ̀, kó ìgò yìnyín mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú rẹ̀, to mínírà àti píọ̀ wọ́tà yí i ká, gbé e síwájú ìsọ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí oníbàárà tí yóò tún mú kí o ṣí fírísà. Lálẹ́, kó àwọn ìgò náà padà. Fíríìjì lè tẹ̀ lé e lọ́jọ́ iwájú, tí owó bá tún wà.

Bí ó bá jẹ́ tokunbọ̀ lo fẹ́ rà, má sanwó kí o tó rí i kó ṣiṣẹ́. Ní kí wọ́n tan án, kí o sì lo wákàtí kan níbẹ̀. Fi ọwọ́ kan ògiri inú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó yẹ kí gbogbo wọn máa tutù bákan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń hu yìnyín tí àwọn tó kù sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, gáàsì rẹ̀ ti dín, ó sì ṣeé ṣe kí páìpù rẹ̀ ti lu. Lẹ́yìn náà, mú owó bébà kan, tẹ́ ẹ sí etí fírísà, pa ọmọrí lé e, kí o wá fà á. Ó yẹ kó lọ́ra láti jáde. Níbi tó bá ti yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ọmọrí náà kò dé dáadáa níbẹ̀. Bí ara rẹ̀ níta bá gbóná níwọ̀nba, má bẹ̀rù: nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí o tì í mọ́ ògiri. Fi àlàfo tó tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ yí i ká. Nígbà tí o bá sì gbé e délé, jẹ́ kó dúró fún wákàtí díẹ̀ kí o tó tan án, pàápàá bí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, kí òróró inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ lè ṣàn padà sí ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná: sítábíláísà kì í ṣe àfikún, ara owó fírísà ni kí o kà á sí. Ra èyí tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó gbé iná fún un. Bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, agbára gáàsì ṣì ń tì í ní apá kan, kò lè tètè gbéra. Bí iná bá lọ tó sì dé lójú ẹsẹ̀, tàbí tí iná kò lágbára, wàá gbọ́ ọ tí yóò kùn "hùùù", yóò dún "ká!", yóò dákẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò tún kùn. Bí o bá gbọ́ ìró yẹn, yọ ọ́ kúrò lójú iná kíákíá. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń jóná ló ń dún bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà lè fa irú rẹ̀, torí iná tí fírísà ń bù nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ ní ìlọ́po ju èyí tó ń lò lẹ́yìn tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Mú jẹnẹrétọ̀ rẹ dání lọ síbi tí o ti fẹ́ ra fírísà, kí o fi tan án níbẹ̀.

Ohun kan wà tó ti ba fírísà àwa ẹlẹ́ja jẹ́ ju iná lọ: ọ̀bẹ. Ẹja á lẹ̀ mọ́ yìnyín, oníbàárà ń dúró, èèyàn á fi ọ̀bẹ gún un. Ẹ̀yìn ògiri inú yẹn gan-an ni páìpù gáàsì wà, ó sì fẹ́lẹ́. Bí o bá gbọ́ "ṣììì" lẹ́ẹ̀kan, fírísà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àpótí lásán, torí inú fóòmù ni páìpù náà sin sí. Dípò ọ̀bẹ, kó ẹrù jáde, pa á, kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ R600a ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná sẹ́bàá rẹ̀ nígbà tí o bá gbọ́ "ṣììì" yẹn. Gáàsì náà ń gbiná.

Ẹja inú páálí láti kóòdù-rúùmù ti dì kó tó dé ọwọ́ rẹ, kó o wọlé tààrà. Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò ẹran dé ni kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wo ara fírísà, wàá rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ kg/24h tẹ̀ lé. Ti èmi jẹ́ 10: kò lè mú ju kílò 10 dì lọ́jọ́ kan. Bí mo bá da 25 sí i, àárín ẹran á ti máa rùn kí tútù tó dé ibẹ̀, ẹja tó ti dì tẹ́lẹ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọbẹ̀ tó ṣì ń gbóná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó kọ́kọ́ rọlẹ̀ nínú ọpọ́n omi tútù, bù ú sínú ike kéékèèké onídèérí, kí o sì gbé e sókè, kí omi ẹja má baà kán sí i.

Lọ́jọ́ tí o bá tan án, bu omi sínú ife kan, jẹ́ kó dì, kí o gbé òkúta wẹ́wẹ́ kan lé orí yìnyín náà, kí o sì fi í sí igun kan nínú fírísà. Bí o bá lọ ilé ní Satidé, tí o kò mọ̀ bóyá iná wà lóru, òkúta yẹn ni kí o kọ́kọ́ wò láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bó bá wà lókè, ẹrù rẹ kò yọ́. Bó bá wọlé díẹ̀, tẹ ẹja wò: èyí tó ṣì le bí òkúta, tí yìnyín sì wà lára rẹ̀, sè é lọ́jọ́ náà. Bó bá ti wà ní ìsàlẹ̀ ife, tí omi sì tún ti dì lé e lórí, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ tó sì tún dì nígbà tí o kò sí níbẹ̀. Ẹja á le, ojú rẹ̀ á dára, má tà á.