Pírósẹ́sọ̀ ni àbí káàdì gíráfíìkì: èwo ló ń fa gémù sẹ́yìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo pààrọ̀ káàdì gíráfíìkì mi sí èyí tó lágbára dáadáa, ṣùgbọ́n iye fírémù tí mò ń rí nínú gémù mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lé sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní pírósẹ́sọ̀ mi ti di bọ́tùnẹ́ẹ̀kì, bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wò ó, kò tiẹ̀ lo ìdajì agbára rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ń fa gémù sẹ́yìn, kí sì ni bọ́tùnẹ́ẹ̀kì yìí gan-an?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín lè jàre, kí ohun tí ẹ̀yin náà rí sì jẹ́ òótọ́.

Kí fírémù kan, ìyẹn ẹyọ àwòrán kan nínú èyí tí gémù ń fi hàn léraléra, tó hàn lójú mọníta, ọwọ́ méjì ló ń gbà kọjá. Pírósẹ́sọ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́: ó ń ka bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀, ó ń ṣírò ibi tí olúkúlùkù ènìyàn àti ọkọ̀ inú gémù wà, lẹ́yìn náà ó ń to àṣẹ sílẹ̀ fún káàdì gíráfíìkì pé kí ó ya èyí, kí ó ya ìyẹn. Káàdì á wá kun gbogbo píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kíkínní tí wọ́n para pọ̀ di àwòrán, tó wà lójú mọníta. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni: bí káàdì ṣe ń ya fírémù kan lọ́wọ́, pírósẹ́sọ̀ ti ń palẹ̀ èyí tó kàn mọ́. Ẹ fi wọ́n wé bíríkìlà àti ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù fún un. Bí ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù bá ń mú ẹyọ kan wá ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, tí bíríkìlà sì lè to ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú kan péré, búlọ́ọ̀kù kan ní ìṣẹ́jú méjì ni ògiri yẹn máa fi ga. Ẹ lè lọ wá bíríkìlà tó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dídúró ni òun náà máa dúró.

Èyí tó bá pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì ni à ń pè ní bọ́tùnẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ọrùn ìgò tí omi kò lè yára kọjá. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní in, torí bí ohunkóhun kò bá dá fírémù dúró, iye rẹ̀ kò ní lópin. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní kí ẹ kọ orúkọ pírósẹ́sọ̀ àti káàdì yín síbẹ̀, tí wọ́n á wá sọ iye ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí bọ́tùnẹ́ẹ̀kì yín jẹ́. Wọn kò mọ gémù tí ẹ ń gbá, wọn kò mọ rẹsolúṣọ̀n yín, ìyẹn iye píksẹ́lì tí àwòrán yín ní, wọn kò sì mọ ibi tí ẹ dé nínú gémù náà. Nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ló sì ń pinnu ẹni tó máa pẹ́.

Ní ti ìdajì agbára tí ẹ rí, àròpọ̀ ni Task Manager, ojú Windows tó ń sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ń fi hàn. Bí pírósẹ́sọ̀ bá ní kọ́ọ̀ 8, ìyẹn ẹ̀yà 8 tó ń dá ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń farahàn bí 16, torí kọ́ọ̀ kan sábà máa ń gba iṣẹ́ méjì. Ọ̀pọ̀ gémù ní iṣẹ́ pàtàkì kan tí kò ṣe é pín láàárín kọ́ọ̀ púpọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Bí ọ̀kan nínú 16 yẹn bá ti ṣiṣẹ́ dé òpin agbára rẹ̀, díẹ̀ lé ní 6% péré ló fi kún àròpọ̀. Nítorí náà 30% lè wà lójú mọníta kí pírósẹ́sọ̀ sì ti débi tí agbára rẹ̀ mọ. Windows tún máa ń gbé iṣẹ́ náà láti kọ́ọ̀ kan sí òmíràn, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá wo kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan pàápàá, ẹ lè má rí èyí tó kún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo káàdì dípò pírósẹ́sọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa V-Sync, sẹ́tìn tó ń so iye fírémù mọ́ bí mọníta ṣe ń yára tó, kí ẹ sì yọ òdiwọ̀n iye fírémù tó bá wà nínú sẹ́tìn gémù tàbí ti káàdì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òun gan-an ló máa ń dá fírémù dúró, ẹ ó sì máa di ẹ̀bi ru ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹ dúró sí ibì kan nínú gémù, kí ẹ wo iye tó wà níwájú GPU, ìyẹn káàdì gíráfíìkì, nínú Task Manager. Bí ó bá wà láàárín 95% sí 99%, káàdì ló ń pẹ́. Bí ó bá rẹlẹ̀ púpọ̀ sí i, ó ń dúró de nǹkan, pírósẹ́sọ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ wá fi rẹsolúṣọ̀n jẹ́rìí sí i. Láti 1920×1080 sí 1280×720, iṣẹ́ píksẹ́lì tí káàdì ń ṣe dín kù ní ìlọ́po 2.25, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pírósẹ́sọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí fírémù bá fò sókè, káàdì ló ń fà á sẹ́yìn. Bí kò bá kúrò lójú kan, pírósẹ́sọ̀ ni.

Oníbàárà mi kan gbé kọ̀ǹpútà wá pẹ̀lú ẹjọ́ tó jọ tiyín. Ní ojú títì tí èrò pọ̀ sí nínú gémù rẹ̀, fírémù 71 ló ń rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí 1920×1080, GPU sì wà ní 58%. Mo sọ ọ́ di 1280×720: fírémù di 73. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tí fírémù kan ń gbà ni 1000 ÷ 71, ìyẹn nǹkan bíi 14. Káàdì ń lo bíi 8 nínú rẹ̀, ó sì ń fi 6 yòókù dúró. Ó ti fẹ́ lọ ra pírósẹ́sọ̀ tuntun lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo ní kó wọ inú ihò àpáta tó wà nínú gémù náà kan náà, níbi tí kò sí èrò. Fírémù di 118, GPU sì lọ sí 98%. Nígbà tí a tún sọ ọ́ di 1280×720 níbẹ̀, fírémù gun òkè dé 165. Kọ̀ǹpútà kan, gémù kan, ṣùgbọ́n bọ́tùnẹ́ẹ̀kì ti kúrò lọ́wọ́ pírósẹ́sọ̀ bọ́ sọ́dọ̀ káàdì.

Kò ra nǹkan kan. Láti ojú títì yẹn, a mọ̀ pé àyè tí káàdì kò lò ṣì wà, nítorí náà mo gbé rẹsolúṣọ̀n lọ sí 2560×1440, torí mọníta rẹ̀ gbà á. Fírémù ojú títì di 69, ìdínkù tí ojú kò lè rí, àwòrán sì mọ́ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti inú ihò já sí 74, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dín iye èrò àti bí gémù ṣe ń fi ohun tó jìnnà hàn kù, torí pírósẹ́sọ̀ ni àwọn sẹ́tìn méjèèjì yìí máa ń wọ̀ lọ́rùn jù, kì í ṣe káàdì. Ojú títì kúrò ní 69, ó di 76, GPU sì dé 96%. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì tó ti ń fi agbára ṣòfò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ tó tó owó tó ná lé e lórí.

Bí tiyín bá wà lórí sẹ́tìn tó ń ya àwòrán kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́, bíi DLSS tàbí FSR, ẹ pa á kí ẹ tó dán an wò, torí rẹsolúṣọ̀n tí káàdì ń yà gan-an kì í ṣe èyí tí ẹ rí nínú sẹ́tìn. Ẹ pa èyí tó ń dá fírémù àfikún sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pírósẹ́sọ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí àwọn fírémù yẹn, iye tí ẹ bá sì kà kò ní sọ bó ṣe ń ṣe sí fún yín.