Bí a ṣe ń ṣírò iye tí a ó máa san lóṣooṣù lórí owó tí a yá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fẹ́ yá 600,000 náírà láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, kí n sì san án tán láàárín oṣù 12. Báńkì kékeré kan ní àdúgbò wa sọ pé èlé rẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún, pé kò ní yí padà, àti pé 62,000 náírà ni n ó máa san lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe é wò lórí fóònù mi, 56,735.76 náírà ló gbé jáde. Èwo ló tọ̀nà, báwo ni mo sì ṣe lè ṣe ìṣirò náà fúnra mi?

Ìdáhùn: Ìṣirò méjèèjì tọ̀nà, ohun tí wọ́n ka èlé lé lórí ni kò jọra. Fóònù yín ka èlé lórí gbèsè tó ṣẹ́ kù lóṣù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí báńkì ka tirẹ̀ lórí odindi 600,000 náírà láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá. N ó kọ́kọ́ mú ti fóònù, nítorí pé òun ni a fi ń mọ bí èkejì ṣe wúwo tó.

Ohun mẹ́ta péré ni ìṣirò náà ń béèrè: ojú owó tí ẹ yá, èlé ọdún, àti iye oṣù. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé oṣooṣù ni ẹ ó máa san owó, a gbọ́dọ̀ sọ èlé ọdún di ti oṣù kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. 24% túmọ̀ sí 0.24, bí a bá pín in sí ọ̀nà 12, ó di 0.02. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, tí wọ́n á tẹ 2 tàbí 24 síbi tó yẹ kí 0.02 wà. Kò ṣòro láti mọ̀ bí ó bá ṣẹlẹ̀, nítorí pé iye oṣù kan ṣoṣo tí yóò jáde yóò ju gbogbo owó tí ẹ yá lọ. Bí a bá pe ojú owó ní P, tí a pe èlé oṣù ní r, tí a pe iye oṣù ní n, tí a sì pe iye tí ẹ ó máa san ní S, bí ìṣirò náà ṣe rí nìyí:

```
S = P × r ÷ (1 − 1 ÷ (1 + r)^n)
```

Apá tó máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù níbẹ̀ ni (1 + r)^n, èyí tí í ṣe 1.02 tí a fi lọ́po ara rẹ̀ títí yóò fi pé 12. Ẹ̀rọ ìṣirò lásán tí kò ní bọ́tìnnì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó láti ṣe é, ẹ kò sì ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjìlá. 1.02 lọ́nà 1.02 jẹ́ 1.0404, ìyẹn ti oṣù méjì. Ẹ fi 1.0404 lọ́po ara rẹ̀, ẹ ó rí 1.08243216, ti oṣù mẹ́rin. Ẹ tún fi ìyẹn lọ́po ara rẹ̀, ó di 1.171659381, ti oṣù mẹ́jọ. Mẹ́jọ àti mẹ́rin ni méjìlá, nítorí náà ẹ fi ti oṣù mẹ́jọ lọ́po ti oṣù mẹ́rin, ẹ ó sì rí 1.268241795. Ẹ wá fi í pín 1, yóò jẹ́ 0.788493176, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, yóò ku 0.211506824. Èlé oṣù kan lórí 600,000 náírà jẹ́ 12,000. Ẹ pín 12,000 yìí sí 0.211506824, 56,735.76 náírà ni ẹ ó rí, gẹ́gẹ́ bí fóònù yín ti wí.

Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gé nọ́ńbà kúrú títí ẹ ó fi dé òpin. Ẹni tó bá sọ 1.268241795 di 1.27 nítorí kí ó lè rọrùn yóò rí nǹkan bíi 56,444 náírà, tí yóò sì dín sí iye tó tọ́ ní nǹkan bíi 291 náírà lóṣooṣù. Ẹni tó bá ní Ẹ́síẹ̀lì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè tẹ èyí láti fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò:

```
=PMT(0.24/12, 12, -600000)
```

Ẹ jẹ́ kí a wo bí owó náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìwé. Lóṣù kìíní, 600,000 ni ẹ jẹ, èlé rẹ̀ jẹ́ 12,000, nínú 56,735.76 tí ẹ san, 44,735.76 tó kù ló lọ sórí ojú owó, gbèsè yín sì di 555,264.24. Lóṣù kejì, orí 555,264.24 ni a ó ti ka èlé, èyí tó jẹ́ 11,105.28, nítorí pé èlé dín, 45,630.48 ló bọ́ sórí ojú owó, ó sì ku 509,633.76. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ, tí iye tí ẹ ń san kò ní yí padà, ṣùgbọ́n tí èlé inú rẹ̀ yóò máa fà sẹ́yìn, títí èlé oṣù kejìlá yóò fi jẹ́ nǹkan bíi 1,112 náírà péré. Bí ẹ bá fi ọwọ́ yín kọ ọ́ dé òpin tí gbèsè sì di òdo, tàbí tó ku kọ́bọ̀ díẹ̀, ìṣirò yín pé. Àpapọ̀ èlé ọdún náà yóò jẹ́ nǹkan bíi 80,829 náírà.

Ní ti báńkì yín, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń pè ní fúláàtì ni wọ́n lò. Wọ́n mú 24% lára 600,000, ó jẹ́ 144,000. Wọ́n rò ó pọ̀, ó di 744,000. Wọ́n pín in sí 12, ó di 62,000. Nínú iye yìí, 50,000 ni ojú owó, 12,000 sì ni èlé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo oṣù kejìlá: 50,000 náírà péré ni gbèsè tó ṣẹ́ kù lọ́rùn yín, síbẹ̀ 12,000 náírà ni wọn yóò gbà lórí rẹ̀, bí ẹni pé 600,000 ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bí a bá wá èlé orí gbèsè tó ṣẹ́ kù tí yóò mú 62,000 jáde, nǹkan bíi 41.7% lọ́dún ni. Nítorí náà, bí báńkì mìíràn bá ní 36% lọ́dún lórí gbèsè tó ṣẹ́ kù, tirẹ̀ ló dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ ga ju 24% lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí wọ́n tẹ ètò ìsanwó oṣù méjèèjìlá jáde fún yín, kí ojú owó wà lọ́tọ̀, kí èlé wà lọ́tọ̀. Bí èlé bá jẹ́ iye kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, fúláàtì ni. Bí wọ́n bá yọ owó ìwé nínú owó náà kí ó tó dé ọwọ́ yín, 600,000 náà ni ẹ ó ṣì lò fún P, nítorí pé òun ni ẹ jẹ; ṣùgbọ́n owó ìwé yẹn jẹ́ ìnáwó tí èlé tí wọ́n pè kò kà mọ́ ọn.

Ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ ó san bí ọjà bá yá tí ẹ fẹ́ parí gbèsè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Lórí gbèsè tó ṣẹ́ kù, nǹkan bíi 317,801 náírà ni yóò kù lọ́rùn yín nígbà náà. Ní ti fúláàtì, 300,000 ni ojú owó tó kù, ṣùgbọ́n bí àdéhùn wọn bá sọ pé èlé oṣù mẹ́fà tó kù kò ṣeé dárí jì, 372,000 ni wọn yóò gbà, sísan án ṣáájú kò sì ní dín kọ́bọ̀ kan kù fún yín.